Ìgbà tí gbèsè ilé-iṣẹ́ Límítẹ́ẹ̀dì dé ọrùn àwọn olùdarí rẹ̀: àkọsílẹ̀ ẹjọ́ àwọn oníṣòwò èso, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1989

Ní ọdún 1989, Adájọ́ Knox ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí àwọn olùdarí méjì san 75,000 pọ́n-ùn láti inú àpò ara wọn, nítorí gbèsè tí ilé-iṣẹ́ wọn jẹ kí ó tó wó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni Produce Marketing Consortium Limited. Èso ni wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, tí wọ́n ń bá àwọn tí ó ni ín tà, tí wọ́n sì ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù lórí rẹ̀. Ẹjọ́ náà kì í ṣe ẹjọ́ olè tàbí ti jìbìtì. Àwọn olùdarí náà kò sá lọ, wọn kò sì fi owó ilé-iṣẹ́ kọ́ ilé. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìrètí pé ọjà yóò yí padà. Síbẹ̀, gbèsè náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo yan ẹjọ́ yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé afàwọ̀rajà nìkan ni òfin lè mú nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ yìí sì fi hàn gbangba pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn náà lè bọ́ sínú rẹ̀.

Kí a tó wo bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí odi ààbò tí ó ya gbèsè ilé-iṣẹ́ Límítẹ́ẹ̀dì sọ́tọ̀ kúrò nínú àpò àwọn tí ó ni ín wà gan-an. Nínú ẹjọ́ Salomon, tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà parí rẹ̀ ní ìparí ọdún 1896, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń ṣe bàtà ta òwò rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Límítẹ́ẹ̀dì tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Nínú ìpín 20,007 tí ilé-iṣẹ́ náà ní, 20,001 jẹ́ tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún pín mẹ́fà tí ó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òwò náà wó, ẹni tí ń rí sí pípa ilé-iṣẹ́ náà dé sọ, ní orúkọ àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè, pé ọ̀gbẹ́ni yìí àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ síra. Ilé-ẹjọ́ kọ̀ fún wọn. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí a bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀, ó ń ní ohun ìní tirẹ̀, ó sì ń jẹ gbèsè tirẹ̀. Ẹni tí ó ra ìpín tí ó sì ti san owó rẹ̀ tán ti san gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ọn. Òfin yìí ni Nàìjíríà náà ń tẹ̀ lé títí di òní, kò sì sí ohun kan nínú ẹjọ́ àwọn oníṣòwò èso tí ó wó o lulẹ̀. Wọn kò mú àwọn olùdarí náà nítorí pé wọ́n ni ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ní ipò olùdarí ni wọ́n fi mú wọn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó, nítorí pé onípìn-ín tí kò sí nínú àwọn tí ń darí ilé-iṣẹ́ kì í sábà ní ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, àmọ́ olùdarí tí kò ní ìpín kankan lè jẹ gbèsè yìí.

Ọdún 1964 ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ti ṣòwò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìṣòro tó dé. Láti nǹkan bí ọdún 1980 ni ohun ìní rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí dín kù díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí ó ní lọ ní ọdún 1984. Báǹkì ń gbà á láàyè láti fa owó kọjá èyí tí ó wà nínú àkáǹtì rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí méjèèjì sì ti fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún báǹkì pé bí ilé-iṣẹ́ kò bá san án, òun yóò san án. Báǹkì tún gba ìwé mìíràn tí ó fún un ní àṣẹ lórí ohun ìní ilé-iṣẹ́ ṣáájú àwọn tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìwé onídùúró yẹn nìkan ti tó láti ya ihò sí ara odi náà. Ẹni tí ó bá buwọ́ lùwé fún báǹkì, fún onílé tí wọ́n háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí fún ẹni tí ó ń kó ọjà fún wọn ní àwìn, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa gbèsè ilé-iṣẹ́ wọ ilé, kò sì sí kóòtù tí ó nílò láti tú àṣírí kankan kí wọ́n tó mú un. Lójú mi, ọ̀nà yìí ni gbèsè ilé-iṣẹ́ kékeré ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni ín ju gbogbo ọ̀nà tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń jiyàn lé lórí lọ. Nínú ẹjọ́ yìí, ohun tí ìwé náà ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gbèsè báǹkì bá ti ń dín kù, ewu tí ó wà lórí olùdarí tí ó buwọ́ lùwé náà ń dín kù pẹ̀lú. Ní àwọn oṣù tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń ṣòwò lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, gbèsè báǹkì lọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n jẹ àwọn tí ó ń fún wọn ní ọjà sì ń ga sí i. Adájọ́ rí èyí, ó sì sọ ọ́ nínú ìdájọ́ rẹ̀ pé òwò tí wọ́n ń ṣe ní àkókò náà ṣe báǹkì àti onídùúró rẹ̀ láǹfààní, pẹ̀lú ìpalára fún àwọn olùtajà tí kò ní ìdánilójú kankan.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1987, wọ́n pa ilé-iṣẹ́ náà dé, wọ́n sì fi í lé olùpalẹ̀mọ́ lọ́wọ́, ìyẹn ẹni tí òfin yàn láti kó ohun ìní ilé-iṣẹ́ tí ó ti wó jọ, kí ó tà á, kí ó sì pín owó rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jẹ. Ohun tí ó kù kò tó gbèsè: 317,694 pọ́n-ùn ni àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì. Olùpalẹ̀mọ́ yìí ni ó gbé àwọn olùdarí náà lọ sí kóòtù. Àwọn olùtajà tí wọ́n jẹ lówó kò lè ṣe é fúnra wọn, nítorí pé òfin tí wọ́n lò fún ọ̀ràn yìí kò fún olówó kọ̀ọ̀kan ní àyè láti lépa owó tirẹ̀ nìkan.

Òfin náà ni abala 214 nínú Òfin Àìlèsangbèsè ti ọdún 1986, tí ó dá irú ẹjọ́ tí mo pè ní òwò àìtọ́ sílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà kan tí ó gbajúmọ̀ ni òwò jìbìtì, èyí tí ó fẹ́ kí a fi ẹ̀rí hàn pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ ni. Ẹ̀rí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí. Abala 214 kò béèrè ọkàn burúkú. Ó béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ ti wó láìlè san gbèsè rẹ̀. Pé ní àkókò kan ṣáájú ìgbà náà, kí olùdarí ti mọ̀, tàbí kí ó yẹ kí ó ti mọ̀, pé kò sí ìrètí tí ó bá ọgbọ́n mu mọ́ pé ilé-iṣẹ́ lè bọ́ nínú ìwó yìí. Àti pé kí ẹni náà jẹ́ olùdarí ní àkókò yẹn. Bí gbogbo èyí bá ti dúró, ohun kan ṣoṣo ni ó lè gba olùdarí là: kí ó fi hàn pé láti àkókò náà ni òun ti gbé gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó yẹ láti dín àdánù àwọn tí wọ́n jẹ kù.

«Tí ó yẹ kí ó ti mọ̀» ni gbólóhùn tí ó gbé gbogbo ẹjọ́ náà dúró. Òfin ní kí a fi olùdarí wé ẹni aláápọn tí ó ní òye tí ó yẹ fún irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ náà, kí a sì tún fi òye tí òun fúnra rẹ̀ ní kún un. Ẹni tí òye rẹ̀ kéré kò lè fi àìmọ̀ gba ara rẹ̀ là, nígbà tí a ó fi ìmọ̀ rẹ̀ mú ẹni tí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adájọ́ Knox gbà pé a kò lè béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré tí ìṣirò owó rẹ̀ rọrùn àti lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ó ní ìsàlẹ̀ kan wà tí kò sí ẹni tí ó lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá rẹ̀: ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí, bí ó ti wù kí ó kéré tó, gbọ́dọ̀ máa ṣe àkọsílẹ̀ owó tí yóò fi ipò rẹ̀ hàn nígbàkigbà, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe ìwé ìṣirò owó ọdọọdún ní àkókò tí òfin dá.

Ibí ni ọjọ́ ti di ohun pàtàkì. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀ ni ọdún ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà máa ń parí. Òfin ìgbà náà fún ilé-iṣẹ́ bíi tiwọn ní oṣù mẹ́wàá láti gbé ìwé rẹ̀ jáde, nítorí náà ó yẹ kí ìwé ọdún tí ó parí ní 1985 ti wà nílẹ̀ ní ìparí oṣù Agẹmọ ọdún 1986. Kò sí nílẹ̀. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1987 ni ìwé ọdún 1985 àti ti 1986 tó dé ọwọ́ àwọn olùdarí, ohun tí wọ́n sì rí nínú rẹ̀ burú gidigidi. Àwọn olùdarí sọ pé àwọn kò lè mọ̀ kí ìwé tó jáde. Adájọ́ kò gbà. Ó ní òun yóò wò ó bí ẹni pé ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ wọn. Kódà, ó fi kún un pé wọn kò tilẹ̀ nílò ìwé láti mọ̀: àwọn ni wọ́n ń ta ọjà náà lójoojúmọ́, wọ́n mọ̀ pé ọjà ọdún náà lọ sílẹ̀ púpọ̀, ẹni tí ó bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé kọmíṣọ́ọ̀nù kò lè bo ìnáwó, àti pé gbèsè yóò ga sí i. Ìparí oṣù Agẹmọ ọdún 1986 ni ó wá yàn gẹ́gẹ́ bí àkókò tí ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe. Òfin náà fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí kóòtù lọ sẹ́yìn ju ọjọ́ 28 oṣù Igbe ọdún 1986 lọ, nítorí náà gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1984 kò wọnú owó tí a ní kí wọ́n san.

Mo rò pé ibí ni ọkàn ẹjọ́ náà wà. Àwọn olùdarí tí ó ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣe ìwé owó wọn sábà máa ń rò pé ìpẹ́ náà ń dáàbò bo àwọn, pé ohun tí a kò tíì kọ sílẹ̀, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Nínú ẹjọ́ yìí, ìpẹ́ náà kò sún ọjọ́ síwájú rárá. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dúró de ìwé di oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń ṣòwò lórí owó ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí kóòtù ṣe rí i.

Nígbà tí ìwé náà dé tán, ọ̀rọ̀ tún burú sí i. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1987, ọ́dítọ̀ wọn kìlọ̀ fún wọn gbangba pé ilé-iṣẹ́ náà kò lè san gbèsè rẹ̀, àti pé bí wọ́n bá ń bá òwò lọ, òfin lè mú wọn fúnra wọn. Wọ́n bá òwò lọ títí di oṣù Ọ̀wàwà. Ìdáhùn wọn ní kóòtù ni pé èso tí ó jẹ́ ti àwọn olóko wà nínú yàrá amúǹkantutù, pé bí wọ́n bá pa ilé-iṣẹ́ dé lójijì, èso náà yóò jẹrà, àdánù yóò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdáhùn yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò ní ohun tí yóò sọ. Èso kì í dúró de olùpalẹ̀mọ́, olùdarí tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ta èyí tí ó wà nílẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́ lè sọ pé ohun tí òfin fẹ́ gan-an ni òun ṣe. Ohun tí ó ba ìdáhùn náà jẹ́ ni pé wọn kò dúró lórí èso tí ó wà nílẹ̀ nìkan. Òwò wọn ní àwọn oṣù náà tóbi ju kí wọ́n kàn ta ọjà tí ó ti wà nínú yàrá náà tán lọ, gbèsè tuntun sì ń wọlé. Bí a bá fẹ́ fi ìdáàbòbò yìí gba ara ẹni là, àkọsílẹ̀ ni ó máa ń sọ̀rọ̀: iye èso tí ó wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tí a mọ̀, ọjọ́ tí ó tán, àti ìwé tí ó fi hàn pé a kò gba àwìn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn olùdarí gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1985 ní abala kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 727, tí ó fún kóòtù ní agbára láti foríji olùdarí tí ó bá hùwà òótọ́ tí ó sì bá ọgbọ́n mu. Nínú ìpinnu tí ó ṣáájú ìdájọ́ ńlá náà, Adájọ́ Knox sọ pé abala yẹn kò lè ṣiṣẹ́ níbí. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdáríjì náà ń wo bí ọkàn ẹni ṣe rí, nígbà tí abala 214 ń wo ohun tí ẹni aláápọn ì bá ti mọ̀, àwọn ìwọ̀n méjèèjì kò sì lè jókòó pọ̀. Àìní ọkàn burúkú kò wúlò nígbà tí wọ́n ń pinnu bóyá wọ́n jẹ̀bi, àmọ́ ó wúlò nígbà tí wọ́n ń pinnu iye owó. Adájọ́ gbà pé ohun tí wọ́n ṣe jẹ́ àìrí ohun tí ó yẹ kí ó hàn kedere, kì í ṣe ìwà ibi tí wọ́n dìídì gbèrò. Ní ìdàkejì, ìkìlọ̀ ọ́dítọ̀ tí wọn kò kà sí jẹ́ ohun tí ó wúwo lòdì sí wọn.

Báwo ni ó ṣe wá dé orí 75,000? Olùdarí kò jẹ gbogbo àlàfo 317,694 náà, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà kí oṣù Agẹmọ ọdún 1986 tó dé. Adájọ́ sọ pé ìdí tí òfin fi wà ni láti dá ohun tí ó sọnù padà, kì í ṣe láti fìyà jẹ ẹni. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bí ohun ìní ilé-iṣẹ́ ṣe dín kù tó nítorí pé àwọn olùdarí kò dúró ní ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n dúró. Àwọn ohun tí mo ti sọ lókè ni ó wá fi tún iye náà ṣe. Ó tún wo ohun kan tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ olùtajà lẹ́nu: owó tí olùdarí bá san kò lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni tí ó fún ilé-iṣẹ́ ní ọjà ní àwìn, inú owó ilé-iṣẹ́ ni ó ń lọ. Báǹkì tí ó ní ìwé àṣẹ lórí ohun ìní ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án lójú ìdájọ́ yẹn, èyí tí yóò sì tún mú ìdùúró olùdarí fún báǹkì fúyẹ́. Adájọ́ fi èyí kún ìdí tí kò fi jẹ́ kí owó náà kéré jù. Lẹ́yìn àtúnṣe òfin ní ọ̀rúndún yìí, irú owó bẹ́ẹ̀ kò bọ́ sínú ìwé àṣẹ báǹkì mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì ti fún alákòóso ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú ìṣòro náà láyè láti pe ẹjọ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo olùdarí ilé-iṣẹ́ tí ó wó ni yóò sanwó, ẹjọ́ Continental Assurance ti ọdún 2001 dúró ní ìdàkejì. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ni, àwọn olùdarí rẹ̀ sì gbọ́ ìròyìn àdánù ńlá. Wọ́n pe ìpàdé léraléra, wọ́n béèrè ìwé owó tuntun, wọ́n gba ìmọ̀ràn àwọn ọ̀mọ̀ràn, wọ́n sì jiyàn lórí bóyá ilé-iṣẹ́ lè dúró kí wọ́n tó pinnu láti máa bá a lọ fún ìgbà díẹ̀. Ìpinnu wọn padà jásí àṣìṣe, ilé-iṣẹ́ náà sì wó, ṣùgbọ́n Adájọ́ Park kọ̀ láti mú wọn. Ohun tí ó ya ẹjọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé àwọn olùdarí Continental béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ lè dúró nígbà tí ó yẹ, wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Ògún ọdún 2020, tí a mọ̀ sí CAMA, gbé òwò àìtọ́ wọlé ní abala 673, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwò jìbìtì tí ó wà ní abala 672. Bí ó ti rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1989, ó dìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá wọ ọwọ́ olùpalẹ̀mọ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́, èyí sì jẹ́ ààlà gidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa kì í kú ní ìlànà òfin. Wọ́n kàn máa ń ti ilẹ̀kùn ni, tí kò sì sí ẹni tí yóò ná owó láti yan olùpalẹ̀mọ́. Fún ẹni tí ó bá san owó àsansílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan kí wọ́n bá a ṣe iṣẹ́, ọ̀nà tí ó yá jù ni abala 316 nínú òfin kan náà. Ó ní bí ilé-iṣẹ́ bá gba owó fún iṣẹ́ kan pàtó, tàbí tí ó yá owó fún ìdí kan pàtó, tí ó sì fi ọkàn jìbìtì ná an sí ibòmíràn, olùdarí tí ó jẹ̀bi nínú rẹ̀ yóò dá owó náà padà fúnra rẹ̀, láìsí pé gbèsè kúrò lọ́rùn ilé-iṣẹ́. Abala yìí kò dúró de ìwó ilé-iṣẹ́, ẹni tí ó sanwó sì lè gbé e lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀. Àmọ́ òun ni yóò mú ẹ̀rí wá pé owó náà ní ìdí pàtó tí a kọ sílẹ̀ nígbà tí ó san án, àti ibi tí wọ́n ná an sí.